Àyè tí bọ̀dá mi fi sílẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù pẹ́ńṣàn

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ìmeèlì tí èmi fúnra mi kọ, torí òun gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀ tó bó ṣe falẹ̀, ìgbà tí mo sì ń kọ ọ́, mo rò pé ọgbọ́n ni mò ń dá. Bọ̀dá mi ti kú tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà yẹn. A ti gbọ́ pé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ pẹ́ńṣàn tó ń bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ tọ́jú owó òṣìṣẹ́, a sì gbọ́ pé kò kọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀ pé kó gbà á. Ni ẹnì kan bá wá sọ fún Màmá pé ìyàwó bọ̀dá, tí wọn ò gbé pọ̀ mọ́ láti bí ọdún mẹ́fà, ti lọ bá wọn ní ọ́fíìsì. Màmá ń sunkún, inú tèmi ń ru, mo bá jókòó ti fóònù, mo tẹ ìmeèlì gígùn kan sí wọn pé kí wọ́n má san owó yìí fún ẹnikẹ́ni o, pé ìjà wà nídìí ẹ̀, pé ẹbí olóògbé ń bọ̀ wá rí wọn. Mo fi ránṣẹ́, mo sì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Oṣù mọ́kàndínlógún ni owó yẹn fi wà ní títì lẹ́yìn ìmeèlì mi. Màmá tí mo tìtorí wọn kọ ọ́ ò rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ilé iṣẹ́ pẹ́ńṣàn kì í ṣe adájọ́, wọn ò sì fẹ́ ṣe é. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà wọ́n, ìyẹn ni pé kí wọ́n san owó fún Lágbájá lónìí, kí kóòtù wá sọ lọ́la pé Làmọ̀rín ló ni ín, kí wọ́n tún un san látinú àpò ara wọn. Torí náà, bí ẹnì kan ṣoṣo bá wá béèrè, tí ìwé rẹ̀ pé, wọ́n á san án. Àmọ́ tí ẹnì kejì bá ti lè kọ̀wé pé òun náà ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀, kódà kó má ní ẹsẹ̀ kankan nílẹ̀ lábẹ́ òfin, wọ́n á fi ọwọ́ lé akáǹtì yẹn, ó di kí gbogbo yín lọ parí ìjà yín ná. Tèmi lẹ́tà àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn tó kù tò wọlé.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Bọ̀dá mi bí ọmọbìnrin kan nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ọmọ yẹn ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún báyìí. Lẹ́yìn náà ló gbé ìyàwó tí mo sọ yẹn níyàwó, wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, wọ́n bí ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ìgbéyàwó yẹn dàrú, bọ̀dá kó jáde, ó gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí kóòtù, ẹjọ́ yẹn sì wà níbẹ̀ tó ń fà títí, kò parí. Láàárín ìgbà yẹn, òun àti obìnrin mìíràn ti jọ ń gbé fún ọdún mẹ́rin, obìnrin yìí ló sì tọ́jú ẹ̀ nígbà tó ń ṣàìsàn, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Kò ṣe wíìlì.

Ibi méjì ni owó náà wà, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ tó wọ̀ mí lára jù ti wá. Ọ̀kan ní ibi iṣẹ́ tó wà nígbà tó kú, ìkejì ní ibi iṣẹ́ tó ti kúrò láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, tó kàn fi owó ẹ̀ sílẹ̀ sí. Kó má di pé mò ń ka owó òkú síta, ẹ jẹ́ ká pe gbogbo owó méjèèjì papọ̀ ní 100. Ti ibi iṣẹ́ tuntun jẹ́ 70, ti àtijọ́ jẹ́ 30.

Mo ti máa ń rò pé téèyàn ò bá kọ orúkọ sílẹ̀, òfìfo ni, pé ẹbí á jókòó, wọ́n á pín in. Irọ́ ni o. Àyè yẹn kì í ṣófo rárá. Ilé iṣẹ́ pẹ́ńṣàn kọ̀ọ̀kan ní ìwé òfin tiẹ̀, kì í ṣe ìwé pélébé aláwòrán tí wọ́n máa ń pín fún òṣìṣẹ́ tuntun, ìwé òfin gidi tó nípọn tí kò sẹ́ni tó ń kà á ni mò ń sọ, inú ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé tí òṣìṣẹ́ ò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, báyìí báyìí la máa ṣe. Bọ̀dá mi fi àyè sílẹ̀, ìwé òfin sì bá a kọ ọ́.

Ibi iṣẹ́ tuntun, ohun tó wà nínú tiwọn ni pé ìyàwó tàbí ọkọ ló kọ́kọ́ ni ín, tí ò bá sí, àwọn ọmọ á pín in dọ́gbadọ́gba, tí ò bá sí ọmọ, àwọn òbí, tí ò bá sí òbí, kó bọ́ sínú dúkìá olóògbé. Kí ẹ kíyè sí i dáadáa, ìlà ni, ẹni tó wà níwájú á gba gbogbo ẹ̀ tán ni, kì í ṣe pé kí gbogbo wọn jọ fọwọ́ bù ú. Màmá wà ní ipò kẹta lórí ìlà yẹn. Èmi ò sí níbẹ̀ rárá. Ká ní mo ti béèrè ìwé òfin yẹn kí n tó kọ ìmeèlì, mi ò bá ti pa ẹnu mi mọ́.

Ibi iṣẹ́ àtijọ́, tiwọn kúrú gan-an: kò sí orúkọ, ó bọ́ sínú dúkìá olóògbé, ó parí. Ẹni kan náà, ọjọ́ ikú kan náà, ẹbí kan náà, àmọ́ owó méjèèjì gba ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá nítorí ìlà kan péré nínú ìwé.

Ohun tó tún dùn mí nípa ti àtijọ́ yìí ni pé bọ̀dá kọ orúkọ síbẹ̀. Ó kọ orúkọ bàbá wa nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ náà, ọmọdé ni nígbà yẹn, kò níyàwó, kò bímọ. Bàbá wa kú ṣáájú ẹ̀, bọ̀dá ò sì padà síbẹ̀ láti pààrọ̀ ẹ̀. Fọ́ọ̀mù yẹn ní àyè fún ẹnì kejì, ẹni tó máa gbà á tí ẹni àkọ́kọ́ ò bá sí láyé mọ́, wọ́n fa ìlà gbọọrọ kan síbẹ̀ láti fi hàn pé kò sí. Lójú wọn, fọ́ọ̀mù tó ní orúkọ òkú nìkan àti fọ́ọ̀mù tí ò ní orúkọ, bákan náà ni wọ́n jẹ́.

Ti ibi iṣẹ́ tuntun ló wá mú ìjà wá. Nígbà tí wọ́n bá wa ṣí akáǹtì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ibi tó yẹ kí orúkọ wà, ohun tó wà níbẹ̀ ni `No designation on file`, pé kò sí orúkọ kankan lọ́wọ́ àwọn. Àmọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, nígbà tó ń palẹ̀ dúróà bàbá ẹ̀ mọ́, rí fọ́ọ̀mù náà. Mo fi ojú mi rí i. Bírò aláwọ̀ búlúù, ọwọ́ ìkọ̀wé bọ̀dá mi tó máa ń tẹ̀ sápá òsì, ó kọ orúkọ ọmọbìnrin, ó kọ 50, ó kọ orúkọ ọmọkùnrin, ó kọ 50, ó kọ ọjọ́ ìbí àwọn méjèèjì. Nísàlẹ̀, ibi tó yẹ kó fọwọ́ sí, ò sí nǹkan kan. Ó lẹ ìwé kékeré aláwọ̀ yẹ́lò kan mọ́ ọn, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kóun bi wọ́n nípa ẹlẹ́rìí. Ọmọ yẹn di ìwé náà mú, ó ń gbọ̀n, ó ní "Àǹtí, ẹ wò ó, ohun tí dádì fẹ́ nìyí." Kí ni mo fẹ́ sọ? Lóòótọ́, ohun tó fẹ́ nìyẹn.

Ó gbé e lọ, wọn ò gbà á. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí, ó sì gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ àwọn nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì wà láyé. Lọ́yà tí mo lọ bá lẹ́yìn náà ṣàlàyé ẹ̀ fún mi dáadáa. Ó ní àwọn kóòtù kan máa ń fojú àánú wò ó tí olóògbé bá ti ṣe gbogbo èyí tó wà lágbára rẹ̀, bí àpẹẹrẹ tó fọwọ́ sí i, tó fi ránṣẹ́, tó wá jẹ́ pé akọ̀wé ọ́fíìsì ló sọ ọ́ nù. Àmọ́ èyí tó wà nínú dúróà, tí ò ní ìfọwọ́sí, ó ṣòro, torí ẹnikẹ́ni lè sọ pé ó ṣì ń rò ó lọ́wọ́ ni, ó lè yí ọkàn padà lọ́la. Ìwé kékeré aláwọ̀ yẹ́lò yẹn gan-an tí ọmọ rò pé ó ń gbè é, lọ́yà ní ìdàkejì ló máa ṣe, torí ó fi hàn pé iṣẹ́ ò tíì parí lọ́wọ́ ẹ̀. Ó tún sọ nǹkan kan tí mi ò rò rí: ó ní láwọn ibì kan, ká tiẹ̀ sọ pé ó fọwọ́ sí i, ìyàwó tó wà lábẹ́ òfin ní láti fọwọ́ sí i pẹ̀lú pé òun yọ̀ǹda, kó tó lè fún àwọn ọmọ.

Ẹ dákun, ibí yìí ni kí n ti sọ pé òfin yìí kì í ṣe bákan náà níbi gbogbo, torí mo mọ̀ pé àwọn kan á gbé ti bọ̀dá mi lé orí ti ara wọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin pẹ́ńṣàn iṣẹ́ aládàáni tí wọ́n ṣe lọ́dún 1974, àti àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i lọ́dún 1984, fún ìyàwó tàbí ọkọ ní ọwọ́ tó le gan-an lórí owó ibi iṣẹ́, àmọ́ akáǹtì ìfẹ̀yìntì téèyàn ṣí fúnra rẹ̀ ò sí lábẹ́ èyí. Ní ìlú ọba, ọ̀pọ̀ pẹ́ńṣàn ló jẹ́ pé àwọn tó ń bójú tó o ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ẹni tí wọ́n máa fún, orúkọ téèyàn kọ sílẹ̀ kàn ń tọ́ wọn sọ́nà ni. Ní Nàìjíríà, òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2014 ní tirẹ̀ máa ń wo wíìlì àti ìyàwó pẹ̀lú àwọn ọmọ, kó tó kan ẹni téèyàn kọ sílẹ̀ bí ìbátan, tí kò bá sí ìyẹn náà, ó di ẹni tí ọ́fíìsì próbéètì, ìyẹn ọ́fíìsì kóòtù tó ń rí sí dúkìá olóògbé, bá yàn. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá wà, ẹ lọ béèrè ìlà tiyín.

Ó yá, ká padà sórí 70 yẹn. Ẹni mẹ́rin ló ti béèrè báyìí. Ìyàwó ní òun ni ìyàwó. Obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ní ìyàwó wo, ọdún mẹ́fà tí ò fojú kàn án, òun lòun ṣe ojúṣe aya. Ọmọbìnrin ní kí wọ́n tẹ̀ lé fọ́ọ̀mù dúróà, tí wọn ò bá tẹ̀ lé e, kí wọ́n ka ìyàwó sí ẹni tó ti lọ, kó lè kan àwọn ọmọ. Èmi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìmeèlì mi lórúkọ Màmá. Ilé iṣẹ́ pẹ́ńṣàn dúró fún oṣù mẹ́jọ bóyá a máa fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan, a ò fọwọ́ sí i. Àdéhùn yẹn ò burú o, mo padà wá rí i: ìyàwó fẹ́ gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kó fi ìdá kan sílẹ̀ fún ọmọbìnrin. Ọmọ ní ìwọ̀sí ni, èmi náà sì wà lára àwọn tó ń ti ọmọ lẹ́yìn pé kó má gbà. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́.

Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe: wọ́n gbé owó náà kalẹ̀ níwájú kóòtù, wọ́n pe gbogbo wa lẹ́jọ́ papọ̀, wọ́n ní owó rèé o, àwa ò ní ìfẹ́ kankan nínú ẹ̀, ẹ bá wa bi wọ́n léèrè ta ló ni ín, kẹ́ ẹ sì tú wa sílẹ̀. Lọ́yà tiwọn sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀ látinú owó náà kí wọ́n tó yọwọ́. Mo bínú, mo ní ṣé àwa la pè wọ́n ni. Lọ́yà mi wò mí, ó ní "Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ kọ̀wé?" Mo dákẹ́.

Ní kóòtù, gbogbo ohun tá a ti ń pariwo lé lórí fún ọdún kan gbáko, ta ló tọ́jú ẹ̀, ta ló já a jù sílẹ̀, ta ló sin ín, adájọ́ ò fẹ́ gbọ́ ọ. Ìwé òfin pẹ́ńṣàn yẹn ti túmọ̀ ìyàwó: ẹni tó wà nínú ìgbéyàwó tó bá òfin mu pẹ̀lú òṣìṣẹ́ náà ní ọjọ́ tó kú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wá kù. Ṣé kóòtù ti fọwọ́ sí ìkọ̀sílẹ̀ yẹn kó tó kú? Wọ́n mú fáìlì ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wá. Ìwé ìpẹ̀jọ́ wà níbẹ̀, èsì ìyàwó wà níbẹ̀, wọ́n ti sún un síwájú lẹ́ẹ̀marùn-ún, àṣẹ pé ìgbéyàwó ti tú ká ò sí níbẹ̀. Bọ̀dá mi kú bí ọkọ obìnrin yẹn. Ó parí. Obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé jókòó sẹ́yìn, ó wọ aṣọ dúdú, kò sọ̀rọ̀ rárá. Mo gbọ́ pé àwọn ibì kan wà tí òfin ti ń ka irú ẹ̀ kún, tó bá ti pé iye ọdún kan tàbí tó bá lè fi hàn pé olóògbé ló ń gbọ́ bùkátà òun. Ìwé òfin pẹ́ńṣàn yìí ò kà á kún.

Iye tó wá dé ọwọ́ ìyàwó nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ gbọ́. 70 ló bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá ti yá owó látinú akáǹtì yẹn nígbà ayé rẹ̀, 6 ló kù tí kò tíì san padà, wọ́n kọ́kọ́ yọ ìyẹn, ó ku 64. Owó yẹn ò sùn sí báǹkì o, inú ṣíà tí bọ̀dá yàn fúnra rẹ̀ ló wà, ní gbogbo ìgbà tá a fi ń jà, kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e kúrò níbẹ̀, torí kò tíì ní olúwa. Ọjà ṣíà wálẹ̀ ní ọdún yẹn, 64 di 58. Ká ní ó lọ sókè ni, à bá máa dúpẹ́, àmọ́ kò lọ sókè, a sì wà níbẹ̀ là ń wò ó. Lọ́yà wọn mú 2. Ìyàwó gba 56, ó sọ ọ́ sínú akáǹtì ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ kó má bàa san owó orí lórí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọbìnrin tó kọ ìdá kan nínú mẹ́rin, òfo ló gbà nínú eléyìí, lọ́yà tiẹ̀ sì wà tó fẹ́ gba owó iṣẹ́.

Ti 30 yẹn ni mo rò pé ó máa rọrùn, torí kò sí àríyànjiyàn lórí ìwé òfin wọn. Ó bọ́ sínú dúkìá, àbí? Ẹ̀tọ́ ìyàwó àti ọmọ wà nínú òfin ogún. Àmọ́ dúkìá ò lè fọwọ́ gba ṣẹ́ẹ̀kì. Ẹnì kan ní láti gba àṣẹ lọ́dọ̀ kóòtù próbéètì pé òun ni alábòójútó, kó fi ìwé yẹn ṣí akáǹtì lórúkọ dúkìá olóògbé, ìgbà yẹn ni pẹ́ńṣàn máa sanwó sínú ẹ̀. Ìyàwó lọ béèrè fún un, ọmọbìnrin náà lọ béèrè, ọmọbìnrin fi ìwé ìkìlọ̀ sílẹ̀ pé kí wọ́n má fún ìyàwó láìgbọ́ tòun. Oṣù márùn-ún. Nígbà tí kóòtù rí i pé wọn ò lè gbọ́ra wọn yé, wọ́n yan lọ́yà kan tí ò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa, ẹni yẹn sì ń gba owó iṣẹ́ fún gbogbo wákàtí tó bá fi ṣí fáìlì wa, títí kan wákàtí tó fi ń ka ìmeèlì ìbínú tá a ń kọ sí ara wa tá a sì ń fi ẹ̀dà ẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

Ohun tí mi ò mọ̀ rárá nípa dúkìá nìyí. Owó tó bá lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn tí olóògbé jẹ lówó kì í sábà rí i fọwọ́ kàn. Tó bá ti lè wọ inú dúkìá báyìí, àwọn ló máa kọ́kọ́ jẹun. Alábòójútó ní láti kéde pé ẹni tí olóògbé jẹ lówó kó jáde wá, kó dúró dé ọjọ́ tí òfin dá, kó san wọ́n tán, kó tó kan ajogún. Owó ọkọ̀ tí bọ̀dá yá ní báǹkì, owó ọsibítù, gbogbo ẹ̀ jáde. 9 lọ síbẹ̀. Alábòójútó àti owó kóòtù mú 5. Owó orí mú 4, torí owó tí wọn ò tíì gba owó orí lé lórí rí ni, gbogbo ẹ̀ sì wọlé lọ́dún kan ṣoṣo. Ó ku 12. Òfin ogún ibẹ̀ fún ìyàwó ní ìdajì, àwọn ọmọ méjèèjì pín ìdajì tó kù. 6, 3, 3.

3 ti ọmọkùnrin ò ṣeé fún un lọ́wọ́ torí kò tíì dàgbà lójú òfin, wọ́n sì kọ̀ láti kó o fún ìyá ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Akáǹtì kan ni wọ́n ṣí tí kóòtù tì pa títí á fi pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, tí ìyá bá fẹ́ yọ owó ilé ìwé, ó ní láti kọ̀wé sí kóòtù. Ọmọbìnrin gba 3 tiẹ̀, lọ́yà gba 2 níbẹ̀. Ó ra kọ̀ǹpútà kan. Ó fi àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Àǹtí, ogún bàbá mi rèé."

Ní ti ìmeèlì tèmi, ohun tó yẹ kí n kọ nígbà yẹn ò ju ìlà méjì lọ. Mo ti kọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan báyìí tí bàbá ẹ̀ kú lóṣù tó kọjá. Kó béèrè ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tó gbẹ̀yìn tó wà lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á, kó sì béèrè odindi ìwé òfin náà bó ṣe wà ní ọjọ́ tí bàbá kú, kì í ṣe ìwé pélébé aláwòrán, torí wọ́n lè ti yí ìlà yẹn padà láàárín ọdún. Bíbéèrè ìwé kì í ti akáǹtì pa. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́, kó wá ibi tí wọ́n ti túmọ̀ ìyàwó tàbí ọkọ, kó ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó sì wo ipò tí òun wà lórí ìlà. Ó fèsì pé òun wà ní ipò kejì. Mo ní tóò, ipò kejì lẹ́yìn ẹni tó wà láyé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ fún ẹ, má kọ lẹ́tà.

Ọjọ́ tí ẹjọ́ parí, mo délé, mo ṣí akáǹtì ìfẹ̀yìntì tèmi, èyí tí mi ò wò láti ọdún tí mo ti gba iṣẹ́. Wọ́n ní kí n tún páásìwọ́ọ̀dù mi ṣe, mo tún un ṣe. Ó ṣí. Níbi `Primary`, àyè ẹni àkọ́kọ́, orúkọ bọ̀dá mi ló wà níbẹ̀, 100%. Níbi `Contingent`, àyè ẹnì kejì, ìlà gbọọrọ.